Bí ẹ ṣe máa ro iná tí ẹ rà lóṣù kan láìka ìlà tí kò yẹ mọ́ ọn

“Ẹ jọ̀wọ́, mo ya sikirinṣọ́ọ̀tù ibi tí gbogbo iná tí mo ti rà wà lórí fóònù. Báwo ni mo ṣe máa mọ yúníìtì tí mo rà lóṣù kọ̀ọ̀kan àti iye owó tí mo ná?”

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú Excel tàbí Google Sheets, ìlà kan fún ríra kan: ọjọ́ ní A, owó ní B, yúníìtì ní C, nọ́ńbà rìsíìtì ní D. Ìyẹn kò le. Mímọ ìlà tí kò yẹ kéèyàn kà ló ń fúnni níṣòro, ibẹ̀ sì ni ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná.

Ẹ wo oṣù kẹta 2024 tèmi. Ní ọjọ́ 3, mo san 5,500, mo gba yúníìtì 100. Ní ọjọ́ 11, ìlà méjì ló wà, 5,500 lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ kò mú tókìnnì kankan wá, wọ́n kọ Failed sí i, báńkì sì dá owó mi padà. Èkejì ló fún mi ní 100. Ní ọjọ́ 19, mo san 11,000, yúníìtì 160 péré ló wọlé. Ní ọjọ́ 27, mo fi 2,750 ra 50, àmọ́ ìlà yẹn hàn lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ohun tó wà nísàlẹ̀ àwòrán kìíní náà ló tún wà lókè èkejì. Nọ́ńbà rìsíìtì kan náà ni, ẹ̀ẹ̀kan la óò kà á.

Akọ̀wé tí mo bá lórí kántà ro gbogbo rẹ̀ mọ́ra wọn, ó ní 33,000 àti yúníìtì 460. Irọ́ ni. 24,750 àti 410 ló jẹ́.

Ìlà ọjọ́ 19 yẹn gan-an ni ìjà wa. Ẹ máa fi yúníìtì pín owó ìlà kọ̀ọ̀kan. Ti ọjọ́ 3 jẹ́ 55, owó iná àti owó orí ló pa pọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ọjọ́ 19 jẹ́ 68.75. Mo béèrè ohun tó fà á, ó ní, “Màmá, owó iná ti lọ sókè ni.” Ṣé ó wá lọ sókè lọ́jọ́ 19, ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ 27? Torí 2,750 tí a fi 50 pín, 55 náà ló tún jẹ́! Yúníìtì 160 ní 55 jẹ́ 8,800. Gbèsè àtijọ́ ni wọ́n fi 2,200 tó kù san, gbèsè kan náà tí wọ́n ṣì ń bi mí léèrè. Àkójọ tó wà lórí fóònù kì í fi èyí hàn. Ẹ tẹ ìlà náà kí rìsíìtì rẹ̀ ṣí, ẹ óò rí Arrears tàbí Debt níbẹ̀. Ẹ tún kọ ọ́ sí òpó tirẹ̀ ní E, àmọ́ ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú B, torí owó tí ẹ ná ni lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ra iná.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Níbi tí owó yúníìtì ti ń gòkè bí ríra yín lóṣù kan bá ṣe ń pọ̀ sí i, ìdiyelé náà á ga lópin oṣù, á sì wálẹ̀ nígbà tí oṣù tuntun bá dé. Ìyẹn kì í ṣe gbèsè.

Bí ẹ bá rí tókìnnì méjì tí kò ní owó, tí kò sì ní yúníìtì, wọ́n wà fún yíyí kọ́kọ́rọ́ inú mítà padà, ìyẹn kóòdù tí mítà fi ń mọ tókìnnì. Kárí ayé ni wọ́n ti ní láti yí kọ́kọ́rọ́ àwọn mítà tó ń lo tókìnnì STS padà kí 24 oṣù kọkànlá 2024 tó dé. Ẹ fò ó.

Ẹ kọ́kọ́ pa ìlà Failed àti ìlà tó hàn lẹ́ẹ̀mejì rẹ́. Àròpọ̀ yúníìtì oṣù kẹta wá rèé. Fún owó, ẹ fi B rọ́pò C:

```
=SUMIFS(C:C,A:A,">="&DATE(2024,3,1),A:A,"<"&DATE(2024,4,1))
```

Ẹ má fi ọjọ́ 31 ṣe òpin, torí bí aago bá wà lára ọjọ́ náà, ohun tí ẹ rà lálẹ́ ọjọ́ 31 á bọ́ sílẹ̀. Bí èsì bá jẹ́ 0, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ lásán ni Excel ka ọjọ́ yín sí. Ẹ tún ṣọ́ra fún 03/04: ẹ wá ìlà tí ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjì yẹn ti ju 12 lọ, ọjọ́ nìyẹn, èkejì ló jẹ́ oṣù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé sikirinṣọ́ọ̀tù náà síta láìbo orúkọ àti nọ́ńbà mítà yín. Àwọn gbájúẹ̀ á pè yín, wọ́n á ní ọ́fíìsì iná làwọn ti ń pè.

Àròpọ̀ yìí kì í sì í ṣe iná tí ẹ lò o. Èyí tí mo rà lọ́jọ́ 27 yẹn, oṣù kẹrin ni mo lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ẹ lò, ẹ kọ iye tó ṣẹ́ kù lórí mítà sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kọ̀ọ̀kan: iye tó wà níbẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí tí ẹ rà kún un, kí ẹ yọ iye ìparí kúrò.