Ojú owó ni mo ń jẹ, mo sì ń pè é ní èrè

*“Ẹ jọ̀ọ́, èmi nìkan ni mo ń dá ìsọ̀ mi ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjà ń yá, owó ń wọlé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti di àsìkò àtira ọjà tuntun, owó kì í pé. Mo ń kọ ohun tí mo tà àti ohun tí mo ná sínú ìwé. Báwo ni mo ṣe lè lo ṣíìtì orí kọ̀ǹpútà láti mọ iye tí mo ń jèrè gan-an?”*

Ohun tó ń ṣe yín yìí ti ṣe mí rí, odidi oṣù mẹ́jọ ló sì fi ṣe mí kí n tó mọ ibi tó ti wá. Èmi náà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Owó tó wọlé wà lápá kan ìwé mi, owó tó jáde wà lápá kejì. Oṣù tí mo bá ra ọjà, ìwé náà á sọ pé mo pàdánù. Oṣù tí n kò bá ra ọjà, á sọ pé mo jèrè rẹpẹtẹ. Irọ́ ni méjèèjì. Owó tí a fi ra ọjà kì í ṣe ìnáwó lọ́jọ́ tí a rà á. Owó wa ló ṣì jẹ́, ó kàn ti di ọjà ni. Ọjọ́ tí ẹyọ kan bá kúrò lọ́wọ́ wa ni owó tí a fi ra ẹyọ yẹn di ìnáwó. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ṣíìtì tí mo ń lò dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n fi báàgì tí mo ń tà nígbà náà ṣàlàyé. Mo ra 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan 2,000, àpapọ̀ rẹ̀ 100,000. Owó tí wọ́n gbà láti gbé e dé ọ̀dọ̀ mi jẹ́ 20,000. Nígbà tí mo tú ẹrù, síìpù méjì ti já, kò ṣeé tà. Mo ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 4,000, mo sì gbà lọ́kàn mi pé 2,000 ni mò ń jẹ lórí rẹ̀. Àmọ́ owó tí mo ná títí ọjà fi délẹ̀ jẹ́ 120,000, báàgì tó ṣeé tà sì jẹ́ 48. Ẹ pín in, 2,500 ni báàgì kan dúró lé mi lọ́wọ́ kí n tó tà á rárá.

Ojú ewé mẹ́rin ni mo ṣí sínú ṣíìtì mi. Google Sheets ni mo ń lò, Excel náà á ṣe é. Mo pè wọ́n ní Oja, Tita, Inawo àti Osu, láìfi àmì ohùn sí i, kí fọ́múlà má bàa ṣòro tẹ̀ lórí fóònù.

Ní Oja, òpó A ni orúkọ ọjà, B ni iye ẹyọ tó ṣeé tà, C ni gbogbo owó tí mo ná títí ó fi dé ọwọ́ mi, D ni iye owó ẹyọ kan, E sì ni iye tó yẹ kó ṣẹ́ kù nílẹ̀:

```
D2: =C2/B2
E2: =B2-SUMIFS(Tita!C:C,Tita!B:B,A2)
```

Ní Tita, ìlà kan ni fún ọjà kọ̀ọ̀kan tí mo bá tà. A ni ọjọ́, B ni orúkọ ọjà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní Oja, C ni iye ẹyọ, D ni gbogbo owó tí oníbàárà san, E ni owó tí àwọn tó ń bá wa gba owó yọ, F ni owó tí mo san fún ẹni tó gbé e lọ, G ni owó àpò àti páálí. Ṣíìtì fúnra rẹ̀ ló ń ṣe méjì tó kù:

```
H2: =C2*VLOOKUP(B2,Oja!$A$2:$D$200,4,FALSE)
I2: =D2-E2-F2-G2-H2
```

H ń lọ wo Oja kó lè mú owó ẹyọ náà wá, I sì ni ohun tó kù lórí títà yẹn. Tí kọ̀ǹpútà yín kò bá gba kọ́mà nínú fọ́múlà, ẹ fi `;` rọ́pò rẹ̀. Tí ẹ bá rí `#N/A`, ẹ ti ṣi orúkọ ọjà náà kọ ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ ìlà báàgì kan wọlé báyìí, mo jókòó, mo ń wò ó. Oníbàárà san 4,000. Wọ́n yọ ìdá 3 nínú 100, ìyẹn 120. Mo ti kéde pé ọ̀fẹ́ ni mo ń gbé ọjà fún oníbàárà, nítorí náà èmi ni mo san 600 fún ẹni tó gbé e. Àpò àti páálí jẹ́ 150. Ẹ wá yọ 2,500 kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 630, lórí ọjà tí mo ń pè ní èrè 2,000.

Inawo wà fún ohun tí kò so mọ́ ọjà kan pàtó. A ni ọjọ́, B ni irú rẹ̀, C ni iye, D ni àlàyé. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ń kọ sí B. `inawo` ni owó ìpolówó, owó dátà, owó tí mo fi tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. `temi` ni owó tí mo bá mú fún ara mi. Òpó yìí ló là mí lójú jù lọ. Owó tí ẹ bá mú lọ jẹ kì í ṣe ìnáwó ọjà, nítorí náà kò gbọdọ̀ dín èrè kù nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí a lè fi í wé èrè. Owó tí ẹ fi ra ọjà kò sí níbí rárá, Oja ló ń gbé.

Osu ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ. Mo kọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù sí A2. B ni ohun tó kù lórí gbogbo títà oṣù náà, C ni ìnáwó, D ni èrè, E ni owó tí mo mú fún ara mi:

```
B2: =SUMIFS(Tita!I:I,Tita!A:A,">="&A2,Tita!A:A,"<"&EDATE(A2,1))
C2: =SUMIFS(Inawo!C:C,Inawo!B:B,"inawo",Inawo!A:A,">="&A2,Inawo!A:A,"<"&EDATE(A2,1))
D2: =B2-C2
E2: =SUMIFS(Inawo!C:C,Inawo!B:B,"temi",Inawo!A:A,">="&A2,Inawo!A:A,"<"&EDATE(A2,1))
```

Oṣù àkọ́kọ́ tí mo fi ṣíìtì yìí ṣe, mo ta báàgì 30. Ọgbọ̀n lọ́nà 630 jẹ́ 18,900. Ìpolówó gba 12,000, dátà gba 4,000. Èrè mi fún odidi oṣù jẹ́ 2,900. Òpó E sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀: mo ti mú 40,000 fún ara mi. Níbo ni 37,100 tó lé sí i ti wá? Lára 75,000 tó yẹ kí n fi ra báàgì 30 mìíràn ni. Bí mo ṣe ń jẹ ojú owó mi nìyẹn, tí inú mi sì ń dùn pé ọjà ń yá. Bí ọjà bá ṣe ń yá sí i ni owó ń kọjá lọ́wọ́ ẹni sí i, ìdí sì nìyẹn tí ẹnìkan kì í fi í mọ̀ títí di ọjọ́ àtira ọjà.

Ohun mẹ́ta ló ti tàn mí jẹ lórí ṣíìtì yìí. Àkọ́kọ́ ni pé nígbà tí mo lọ ra báàgì lẹ́ẹ̀kejì, owó rẹ̀ ti wọ́n, ẹyọ kan di 2,800. Mo lọ yí iye tó wà ní Oja padà. Ní ọjọ́ kejì mo rí i pé èrè oṣù tó kọjá ti dín kù, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan án. Gbogbo ìlà àtijọ́ ló ń lọ wo iye tuntun. Láti ìgbà yẹn, ìgbàkígbà tí mo bá tún ọjà rà, ìlà tuntun àti orúkọ tuntun ni: BG-1, BG-2, BG-3. Ti àtijọ́ ni mo ń kọ́kọ́ tà tán kí n tó bọ́ sí tuntun.

Èkejì ni ọjà tí oníbàárà dá padà. Pípa ìlà rẹ̀ rẹ́ ni mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé n kò tà á rí. Ṣùgbọ́n owó tó bá a lọ kì í padà wá. Ní báyìí, ìlà títà náà á dúró, màá wá kọ ìlà mìíràn: -1 ní C, -4,000 ní D, 0 ní E nítorí pé wọn kò dá 120 wọn padà fún mi, 600 ní F fún gbígbé e padà. Ìlà kejì yìí á fi -2,100 hàn. Ẹ dà á pọ̀ mọ́ 630 ti àkọ́kọ́, àdánù 1,470 ni, èrè báàgì méjì àti díẹ̀ ló gbé lọ. Tó bá padà wá tó ti bàjẹ́, mo tún ń kọ 2,500 rẹ̀ sí Inawo, mo sì ń yà á sọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta kéré ṣùgbọ́n ó burú. Tí ṣíìtì kò bá mọ̀ pé ọjọ́ ni ohun tí ẹ tẹ̀, SUMIFS tó ń ro àpapọ̀ á fo ìlà náà láìsọ ohunkóhun. Ẹ wo òpó A dáadáa. Tí ẹ kò bá tíì fọwọ́ tò ó, ọjọ́ tó pé máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí rẹ̀, èyí tí ṣíìtì kà sí ọ̀rọ̀ lásán á fara ti apá òsì. Bákan náà ni iye owó tí ẹ bá kọ àmì owó mọ́, tí ṣíìtì kò bá mọ àmì náà.

Ní alaalẹ́ ni mo ń tẹ títà ọjọ́ náà wọlé, kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lọ́jọ́ tó bá parí ọ̀sẹ̀, mo ń ka ọjà tó wà nílẹ̀, mo ń fi í wé òpó E ní Oja. Tí ilẹ̀ bá ní 17 tí ṣíìtì sì ní 18, mo ti tà á láìkọ ni, tàbí mo kọ orúkọ ọjà mìíràn. Ẹ má fi í di ìparí oṣù, ẹ kò ní rántí mọ́.

Ṣíìtì yìí kò ka àkókò yín sí owó o. Èrè tó bá hàn ní D2, owó iṣẹ́ yín ṣì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo rí 2,900 yẹn, mo dá gbígbé lọ́fẹ̀ẹ́ dúró. Oníbàárà ń san 4,600, 600 ti gbígbé wà nínú rẹ̀, owó tí wọ́n ń yọ di 138, báàgì kan sì ń fi 1,212 sílẹ̀. Títà wá sílẹ̀ láti 30 sí 18 lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n 18 yẹn mú 21,816 wá, mo yọ 16,000 ti ìpolówó àti dátà, ó ku 5,816.

Tí ẹ kò bá rántí iye tí ẹ ra ọjà tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹ ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ wá rísíìtì tó kẹ́yìn, ẹ pín owó rẹ̀ pẹ̀lú owó gbígbé sí iye ẹyọ tó ṣeé tà. Ní Oja, ẹ kọ iye ẹyọ tí ẹ kà sí B, ẹ fi owó ẹyọ kan ṣe ìlọ́po rẹ̀ sí C, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ Tita pẹ̀lú ọjà tí ẹ bá kọ́kọ́ tà lọ́la.