Ejò tó tẹ́ pẹrẹsẹ lápá òṣèré: bí mo ṣe kọ́ táàtù inú fọ́tò

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, fọ́tò ni mo ń yà ní Owódé, l'Ọ́yọ̀ọ́. Oníbàárà kan ní kí n fi táàtù sí òun lápá nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo gbé e lé e, mo yí i sí Multiply nínú Fọ́tòṣọ́ọ̀pù kó lè pò mọ́ awọ, síbẹ̀ ńṣe ló dà bíi sítíkà. Báwo ni mo ṣe lè mú kó tẹ̀ lé bí apá ṣe rí?”

Àbúrò mi, ohun tó ṣe ọ́ yìí ti ṣe mí rí, ara flẹ́ẹ̀sì gbàǹgbà sì ni tèmi wà, ní Tákíe níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọlọ́kadà àti ọmọ yunifásítì ń gbà kọjá láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹnì kan tó ń ṣe fíìmù ló gbé iṣẹ́ náà wá. Òṣèré tó ṣe ọmọ ìta nínú fíìmù ọ̀hún kò ní táàtù kankan lára, ni wọ́n bá ní kí n fi ejò kan sí i lápá lórí pósítà, kó gùn láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ṣáájú ìgbà yẹn, mo ti lọ kọ́ Fọ́tòṣọ́ọ̀pù fún ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó gba owó gọbọi lọ́wọ́ wa. Gbogbo ohun tó sọ fún wa nípa táàtù kò ju èyí lọ: gbé àwòrán náà lé e, yí i sí Multiply, lọ sí Displace, kọ 10 sí i, ó parí. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn.

Lórí láptọ́ọ̀pù, ó dára lójú mi. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí flẹ́ẹ̀sì, tí apá òṣèré náà wá tóbi ju ti èèyàn gidi lọ, ni àṣírí tú. Ìpẹ́ ara ejò náà fẹ̀ létí apá gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ̀ láàárín, ó wá gé fọ́nránfọ́nrán síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé bébà. Àwọn ọmọdé ń dúró wò ó. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá kò bá mi jà, ó kàn ní kí n san owó flẹ́ẹ̀sì míràn, mo sì san án. Mo pe ọ̀gbẹ́ni olùkọ́ náà, ó ní láptọ́ọ̀pù mi ni kò lágbára. Inú ń bí mi dòní, torí ohun tó yẹ kó kọ́ wa kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, agolo mílíìkì kan ṣoṣo ló sì ń mú un yé èèyàn.

Wá agolo mílíìkì kan. Fi rúlà fa àwọn ìlà òòró sára bébà, kí àlàfo wọn dọ́gba, sẹ̀ǹtímítà kan-kan. Wé bébà náà mọ́ agolo, kí o sì wò ó láti iwájú. Àlàfo tó wà láàárín á hàn bó ṣe wà, àwọn tó sún mọ́ etí á máa fún mọ́ra títí wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ pọ̀. Bí apá èèyàn náà ṣe rí nìyẹn. Ibi tó kọjú sí kámẹ́rà ló ń fi gbogbo ìbú rẹ̀ hàn, ibi tó ń yí lọ sẹ́yìn ń fi tirẹ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀.

Jẹ́ kí n fi apá òṣèré tèmi ṣírò rẹ̀ fún ọ. Nísàlẹ̀ ìgúnpá, ó fẹ̀ tó 300 píksẹ́lì nínú fọ́tò. Tí a bá mú apá bí agolo, tí a sì lè tẹ́ awọ tó wà níwájú sílẹ̀ láti etí kan dé èkejì, ìbú rẹ̀ á tó 471, torí ìdajì àyíká ohun tó rí róbótó jẹ́ bíi 1.57 lọ́nà ìbú rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwòrán tó máa bo gbogbo iwájú apá gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 471 kí o tó wá fún un wọ inú 300. Má ṣe dín gígùn rẹ̀ kù, ìbú nìkan ni à ń fún. Èmi gbé àwòrán tó fẹ̀ ní 300 lé apá tó fẹ̀ ní 300. Kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ?

Fífún náà kò sì gbọdọ̀ dọ́gba. Pín àwòrán rẹ sí ọ̀nà mẹ́ta lóròó, kí ìbú wọn jẹ́ ọgbọọgba. Tó bá dórí apá, ìdá tó wà láàárín á gba ìdajì gbogbo ìbú, ìyẹn 150, ìdá ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì gba 75 péré. Nínú Fọ́tòṣọ́ọ̀pù, lẹ́yìn tí o bá ti yí léyà náà sí Smart Object, lọ sí `Edit > Transform > Warp`, kí o sì yan `3 x 3` níbi tí wọ́n kọ Grid sí lókè. Á gbé ìlà òòró méjì jáde nínú àwòrán náà. Fa àwọn ojúùwọ̀n, ìyẹn àwọn àmì kékeré tó wà lórí ìlà kìíní, wá sí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú apá, kí o fa ti ìkejì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Lórí 300, ibẹ̀ ni 75 àti 225. Ọrùn ọwọ́ òṣèré yẹn fẹ̀ ní 180, nítorí náà níbẹ̀, àwọn ìlà náà bọ́ sí 45 àti 135. Máa wọn ìbú apá ní ibi tí ojúùwọ̀n kọ̀ọ̀kan wà, torí apá kì í fẹ̀ bákan náà látòkè délẹ̀. Inú ìdá ẹ̀gbẹ́ gan-an ṣì ń há sí i bó bá ṣe ń sún mọ́ etí: nínú 75 yẹn, ìdajì tó kọjú sí àárín gba 55, ìdajì tó wà létí gba 20. Àwọn ọwọ́ kéékèèké tó yọ lára ojúùwọ̀n ni o máa fi fún un.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan ìlà tó dábùú. Wo etí apá aṣọ rẹ̀, tàbí ẹ̀gbà ọwọ́, tàbí aago. Bí ẹ̀gbà bá tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín, kí táàtù náà tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín bákan náà. Bó bá jẹ́ òkè ló tẹ̀ sí, tẹ̀ ẹ́ sókè. Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo máa ya fọ́tò náà, fi rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó sí oníbàárà lápá ní ibi méjì, ya ọ̀kan, bọ́ rọ́bà kúrò kó má tíì mira, kí o ya èyí tí o máa lò. Rọ́bà yẹn á fi hàn ọ́ gẹ́lẹ́ bí apá ṣe yí.

Ọ̀rọ̀ Displace tó jẹ mí níyà wá nìyí o. Displace kò mọ̀ pé apá rí róbótó, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló ń wò. Nínú fọ́tò tó fi ń ṣe máàpù, níbi tí dúdú ti jẹ́ 0, tí funfun sì jẹ́ 255, àwọ̀ eérú tó wà ní 128 kì í sún nǹkan kan. Èyí tó bá dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ ń ti àwòrán sí ọ̀nà kan, èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ú lọ ń tì í sí òdìkejì. Awọ tiwa dúdú, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo apá ló máa ń wà nísàlẹ̀ 128, nítorí náà ńṣe ni gbogbo táàtù kàn ṣí kúrò níbi tí o gbé e sí. Ibi tí iná tàn sí nìkan ló gba ọ̀nà mìíràn, ejò mi sì wọ́ níbẹ̀ láìnídìí. Àwọn olùkọ́ tó ń sọ pé Displace ló ń wé táàtù mọ́ apá kò tíì dán an wò lára ènìyàn dúdú rí.

Ìwúlò rẹ̀ kò ju iṣan àti ìgbì kéékèèké lọ, lẹ́yìn tí Warp bá ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà, sọ ọ́ di dúdú òun funfun, fi Levels gbé awọ àárín apá dé nǹkan bíi 128, fi Gaussian Blur pa ihò ara rẹ́, kí o wá fi í pamọ́ bíi PSD. Tí o bá kọ 100 sí ojú Scale nínú Displace, 128 píksẹ́lì ló lè sún nǹkan dé. 4 á sún un ní bíi 5. Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Multiply náà ní ibi tó kù sí. Lára èèyàn gidi, abẹ́ awọ ni tádàá táàtù wà, ohun tó ń mú awọ dúdú wà lókè rẹ̀, dídán òróró àti òógùn sì tún wà lókè pátápátá. Multiply máa ń pa dídán yẹn. Tẹ ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ léyà táàtù náà lẹ́ẹ̀méjì, wá Blend If, mú àmì onígun mẹ́ta funfun tó wà lábẹ́ Underlying Layer, di Alt mú kó là sí méjì, kí o fa ìdajì rẹ̀ sósì títí dídán awọ á fi yọ lórí tádàá. Dín Opacity kù sí bíi 80, má sì lo dúdú kirikiri. Tó o bá fẹ́ rí i bó ṣe ń rí, wo apá àwọn àgbà wa tí wọ́n fín orúkọ sí lápá nígbà èwe wọn: fínfín yẹn ti rọ̀, etí rẹ̀ kò mú mọ́. Gaussian Blur tí kò tó píksẹ́lì kan á fún ọ ní ìyẹn. Kóló yàtọ̀ o, torí pé ó yọ sókè lára, ó ń gba iná, ó sì ní òjìji, Multiply nìkan kò lè ṣe é.

Kí n má gbàgbé, bí ẹnì kan bá ní kí o yọ táàtù kúrò, bí ìyàwó kan ṣe bẹ̀ mí kí àwọn àna rẹ̀ tó rí fọ́tò, má fi Clone Stamp mú awọ láti ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ń yí padà láti etí apá kan dé èkejì, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà ní òòró. Òkè tàbí ìsàlẹ̀ táàtù ni kí o ti mú un, lórí ìlà kan náà láti ìgúnpá sí ọwọ́. Mo kọ́kọ́ mú un láti ẹ̀gbẹ́, apá ìyàwó wá rí bíi pé wọ́n fi pátákó pẹlẹbẹ lẹ̀ ẹ́.

Ní ti tìrẹ gan-an, ìwọ kò sọ bí táàtù náà ṣe tóbi tó. Bó bá jẹ́ orúkọ kékeré tí kò kúrò ní ìdá àárín, fífún rẹ̀ kò tó nǹkan: ohun tó fẹ̀ ní 157 ló máa di 150. A jẹ́ pé ìlà dídábùú tàbí dídán awọ tí Multiply pa ló sọ ọ́ di sítíkà. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá sì kan etí apá, padà sídìí agolo.