Ọgbẹ́ ọjọ́ tí a wa iṣu ló ń di jíjẹrà nínú àká

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣu 300 ni mo wa lọ́dún tó kọjá. Mo sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ méjì kí ara wọn lè gbẹ, lẹ́yìn náà ni mo tò wọ́n jọ sí igun yàrá kan. Oṣù méjì kò tíì pé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti ìdí. Mo fi eérú kùn wọ́n, kò gbọ́. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe, kí sì ni kí n ṣe lọ́dún yìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú àdánù iṣu yẹn. Ohun tí ẹ sọ pé láti ìdí ni wọ́n ti ń jẹrà gan-an ló tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìdí iṣu ni ó dàgbà kẹ́yìn, ibẹ̀ ni èèpo rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ náà sì ni àdá tàbí ọkọ́ ti máa ń bà á nígbà tí a bá ń wà á, torí inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà tí ojú kò ti tó o. Kòkòrò àìfojúrí tó ń mú iṣu rà kì í sáábà lè gba èèpo tó dá ṣáká kọjá. Ẹnu ọgbẹ́ ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí náà, kí iṣu yín tó dé yàrá rárá ni jíjẹrà náà ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá kàn jẹ́ kó yá ni.

Iṣu tí a wà kò kú. Ó ń mí, ó ń tú ooru àti omi jáde, bí a bá sì ṣe é lọ́gbẹ́, ó lè wo ara rẹ̀ sàn. Ẹran iṣu tó wà láàyè lábẹ́ ojú ọgbẹ́ náà ló máa ń hu èèpo tuntun, tó le, tó sì gbẹ, gẹ́gẹ́ bí èépá ṣe ń bo ojú egbò lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń bèèrè kó tó ṣe é: kí ara rẹ̀ móoru díẹ̀, láàárín 29 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí ọ̀rinrin sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa làágùn. Bí ó bá rí méjèèjì fún ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 8, ọgbẹ́ tí kò jìn yóò ti dí.

Ẹ wá wo ohun tí oòrùn ṣe fún iṣu yín. Ó gba ọ̀rinrin kúrò lójú ọgbẹ́ kí ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó rí àyè hu nǹkan kan. Ohun tí ẹ rí tó funfun, tó sì gbẹ gbáú gbáú yẹn, ẹran iṣu tó kú ló kàn gbẹ. Kì í ṣe èèpo tuntun. Nígbà tó bá yá, yóò sán wẹ́wẹ́, kòkòrò yóò sì gba ojú sísán náà wọlé. Oòrùn ọ̀sán tún lè se ẹ̀gbẹ́ iṣu tó bá kọjú sí i. Ọ̀pọ̀ ló rò pé gbígbẹ ni iṣu nílò ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì yé mi ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni. Ọgbẹ́ ni kó kọ́kọ́ jinná nínú ooru àti ọ̀rinrin. Lẹ́yìn ìyẹn ni atẹ́gùn àti gbígbẹ tó kàn án.

Ọgbẹ́ kan wà tí kò ní jinná bó ti wù ká ṣe é tó: èyí tó wá láti inú jíjù àti ṣíṣubú. Ojú ibi tí àdá gé mọ́lẹ̀ gbọọrọ ṣì sàn, torí ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀ wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí iṣu bá já bọ́ lu òkúta tàbí lu iṣu mìíràn, ẹran inú rẹ̀ á fọ́, á kú, èèpo òkè sì lè máà fi hàn. Ibi tó ti kú kò lè hu nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, yóò rọ̀ lábẹ́ ìka. Nítorí náà, ẹ bá àwọn tó ń bá yín kó iṣu sọ ọ́ dáadáa: a kì í ju iṣu láti ọwọ́ sí ọwọ́, a kì í dà á láti inú agbọ̀n, a kì í sì í jókòó tàbí dúró lé e nínú ọkọ̀. Ẹ tẹ́ koríko sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n àti sí ilẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wà á, ẹ kọ́kọ́ hú ẹ̀gbẹ́ ebè kúrò títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀, kí ẹ tó gbé e. Ẹni tó bá fà á lórí kí ìdí tó tú, yóò ṣẹ́ ẹ. Bí amọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Bó bá gbẹ, ẹ fọwọ́ gbọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣu 300 yín ṣe é bí yóò ṣe rí lọ́dún yìí. Ní ọjọ́ tí ẹ bá wà á gan-an, lábẹ́ igi, ẹ ṣà á sí ọ̀nà méjì. Gbogbo èyí tí ọgbẹ́ rẹ̀ bá jìn, tó ṣẹ́, tàbí tó ti rọ̀ níbì kan, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún jíjẹ tàbí títà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ká ní 40 ni irú wọn. Ó dunni láti yọ 40 sọ́tọ̀, àmọ́ bí ẹ bá kó wọn mọ́ àwọn tó kù, wọn kò ní lọ láwọn nìkan. Ó ku 260. Gbogbo 260 yìí ló ń lọ sínú ooru, àti èyí tí kò ní àpá kankan, torí kò sí iṣu tí kò ní ojú ọgbẹ́ kan ó kéré tán: ibi tí a ti gé e kúrò lára okùn rẹ̀ lórí.

Ẹ wá ibi tó ní òjìji láti àárọ̀ di alẹ́, tí omi kò ní dúró sí. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀. Ẹ pín iṣu náà sí òkìtì méjì, 130 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún níbùú àti lóròó, kí ó má sì ga ju orúnkún lọ. Bí ó bá ga jù, àárín rẹ̀ á gbóná ju etí rẹ̀ lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí koríko náà nípọn tó ìbú ọwọ́ méjì, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ wá fi àpò ìdọ̀họ tàbí ẹní bo gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe lo ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń mú kí omi kán padà sórí iṣu, kì í sì í jẹ́ kí ó mí, ohun tí ẹ fẹ́ wò sàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Ní àsìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ lè wọ́n omi díẹ̀ sí ilẹ̀ àyíká òkìtì náà, kì í ṣe sórí iṣu. Kí gbogbo èyí parí láàárín wákàtí 24 tí ẹ wa iṣu, torí bó bá ti pẹ́ jù ú lọ, kòkòrò lè ti ṣáájú èèpo tuntun dé ojú ọgbẹ́.

Lójoojúmọ́, ẹ ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà dé àárín, kí ẹ di iṣu kan mú. Bí kò bá gbóná, tí kò sì tutù lọ́wọ́ yín, ó wà níbi tó yẹ. Bí ó bá gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe, ẹ ṣí apá kan fún wákàtí díẹ̀. Bí ó bá tutù, ẹ fi koríko kún un. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ mú iṣu mẹ́rin tàbí márùn-ún jáde, kí ẹ fi èékánná ha ojú ọgbẹ́ wọn. Èyí tó ti jinná yóò le bí èèpo igi, yóò ní àwọ̀ ilẹ̀, èékánná kò sì ní tètè wọ̀ ọ́. Èyí tí kò tíì jinná yóò yọ̀ díẹ̀, yóò fi ẹran funfun hàn bí ẹ bá ha á. Bí ọ̀pọ̀ kò bá tíì jinná, ẹ fi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kún un. Bí wọ́n bá ti jinná, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ kíá, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá ọjọ́ mẹ́jọ.

Láti ìgbà yìí lọ ni iṣu ti fẹ́ atẹ́gùn. Igun yàrá tí ẹ tò ó sí kò lè fún un, torí ooru tí iṣu ń mí jáde kò ríbi gbà, ó wà láàárín wọn, ó sì ń di omi sára wọn. Àká yín kò ní láti wọ́n lówó. Kí ó ní òjìji igi lórí. Kí ó jẹ́ bẹ̀rẹ̀ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni ẹ fi bò ó, torí páànù lásán máa ń dà ooru lé iṣu lórí. Kí ògiri rẹ̀ jẹ́ igi tàbí oparun tí àlàfo wà láàárín wọn. Ẹ ṣe pẹpẹ tó ga kúrò nílẹ̀ tó orúnkún, kí ẹ to iṣu lé e ní ìpele kan, ó pọ̀ tán méjì. Bí ẹ bá fẹ́ràn kí ẹ so iṣu mọ́ òpó, ó dára gan-an fún atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún okùn náà débi tí yóò fi jẹ wọ èèpo. Mo ti rí àká tó jẹ́ pé gbogbo iṣu tó rà níbẹ̀, ojú okùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, yípo yípo bí òrùka.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Imú ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín, lẹ́yìn náà ẹ tẹ ìdí àti orí iṣu kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá rọ̀, ẹ gbé e jáde kúrò nínú àká pátápátá, kí ẹ sì nu omi tó bá kán sára àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ kúrò. Bí iṣu bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ̀hù náà nígbà tó ṣì kéré, torí ara iṣu ló ń jẹ. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ jìn, ìyẹn náà ọgbẹ́ tuntun ni.

Ní ti eérú tí ẹ fi kùn wọ́n, kì í ṣe pé kò wúlò rárá. Ojú ọgbẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ló wà fún, ó ń bá a dènà èyí tó fẹ́ wọlé. Èyí tó ti wọlé, kò lè lé e jáde.

Ibì kan wà tí ooru òkìtì kò ní ràn yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó bò ó, ẹ gé iṣu mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò. Bí ẹ bá rí i tí abẹ́ èèpo pọ́n rúsúrúsú tàbí tó dúdú, tó sì gbẹ, tó fẹ̀ yí iṣu náà ká, tí ẹran àárín rẹ̀ sì funfun, aràn kéékèèké inú ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ láti inú ebè wá. Irú ìyẹn kò ní dúró pẹ́ nínú àká, ẹ tètè jẹ ẹ́ tàbí tà á. Ẹ má ṣe mú irúgbìn fún ọdún tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, torí inú irúgbìn ni aràn náà máa ń gbà dé ebè tuntun.