Lẹ́tà kan fò nínú àwòrán síláìdì, fáìlì rẹ̀ sì ti sọnù

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní Ṣágámù. "Eto Idagbasoke Sagmu" ni wọ́n kọ sí àkọlé síláìdì wa dípò "Sagamu". Láàpútọ́ọ̀pù tí fáìlì rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ti kọṣẹ́, àwòrán tí mo yà lójú ẹ̀rọ nìkan ló kù. Ṣé ó ṣe é tún ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣe é tún ṣe, akọ̀wé wa, ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọ́ǹtì kiri. Ẹni tó bá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, tó fi fọ́ǹtì tó jọ ọ́ tẹ òmíràn, gbogbo ìpàdé ló máa rí i pé ó lẹ̀ ẹ́ ni. "a" tí ẹ ń wá ti wà lẹ́yìn "S" yẹn. Ẹ yá a lò.

Paint orí Windows tó o. Ẹ ṣí àwòrán náà, ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 400%. Kí ẹ tó fọwọ́ kan lẹ́tà kankan, ẹ mú Color picker, kí ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ ibi òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Àwọ̀ ẹ̀yìn síláìdì á wọ inú Color 2, òun sì ni Paint máa fi dí ibi tí lẹ́tà bá ti ṣí kúrò. Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀, ihò funfun lẹ máa rí.

Ó yá, ẹ fi Select yí "mu" ká, kí ẹ máa tẹ ọfà ọ̀tún orí kíbọ́ọ̀dù títí àyè á fi gba "a". Lẹ́yìn náà, ẹ yí "a" àkọ́kọ́ ká, ẹ tẹ Ctrl+C, ẹ tẹ Ctrl+V. Igun òkè lápá òsì ló máa yọ sí. Ẹ fà á wá sáàárín "g" àti "m". Ẹ má gé e mọ́ ara jù: etí lẹ́tà ní òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹ bá gé ìyẹn, lẹ́tà á rí wúruwùru. Kí ìsàlẹ̀ "a" bá ìsàlẹ̀ "m" dọ́gba. Bí àkọlé bá wà láàárín síláìdì, ẹ yí gbogbo ìlà náà ká, kí ẹ sún un sósì ní ìdajì fífẹ̀ "a".

Bí ẹ̀yìn síláìdì bá ń ṣókùnkùn lókè tó sì ń mọ́lẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, Color 2 kò ní bá a mu. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kí ẹ máa sún lẹ́tà sí, ẹ má gbé e sókè sódò. Ẹ ṣe ẹ̀dà ibi òfìfo kan tó wà ní ìpele kan náà, kí ẹ fi bo ibi tó ṣí sílẹ̀.

Bí àpótí kan bá ṣì hàn yí "a" ká, ó ṣeé ṣe kí àwòrán náà ti gba WhatsApp kọjá, èyí tó máa ń fún un pọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà á fi dọ̀tí. Ẹ lọ wá ojúlówó rẹ̀ níbi tí ẹ ti yà á, kí ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document. Bí ẹ bá parí, PNG ni kí ẹ fi pa á mọ́. JPEG á tún dọ̀tí mìíràn sí i.