Ìgbànú tẹ̀lé bàtà, ìbọ̀sẹ̀ tẹ̀lé ṣòkòtò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Ṣòkòtò néfì búlúù, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà búráùn ni mo ń wọ̀, pẹ̀lú ìgbànú dúdú àti ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ọ̀gá mi ní aṣọ mi ò bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n pààrọ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, ṣòkòtò, ṣẹ́ẹ̀tì àti bàtà yẹn dára. Ìbọ̀sẹ̀ àti ìgbànú ló da nǹkan rú. Ra ìbọ̀sẹ̀ néfì búlúù, kí o sì ra ìgbànú búráùn.

Tí o bá jókòó, ẹsẹ̀ ṣòkòtò á fà sókè. Bí ìbọ̀sẹ̀ bá jọ ṣòkòtò, ojú á bá ẹsẹ̀ lọ geere títí dé bàtà. Funfun ló ń gé e sí méjì. Bí o kò bá rí néfì tó bá a mu gan-an, mú èyí tó dúdú díẹ̀ jù ú lọ, má mú èyí tó ṣí jù ú. Kó gùn dé àárín ojúgun, kí awọ ẹsẹ̀ má baà yọ. Tí òwú bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń fa òógùn mu, ooru tiwa níbí kò sì kéré. Wo gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú: tí a bá bọ́ bàtà lẹ́nu mọ́ṣáláṣí lọ́sàn-án, kò sí ibi tí ihò ń sá sí.

Ìgbànú ló gba sùúrù, torí búráùn pọ̀ oríṣiríṣi. Òmíràn pọ́n, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Fi ẹsẹ̀ bàtà kan sínú ọ̀rá, kí o gbé e lọ sí Ọjà Ọba. Má gba ìmọ́lẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù gbọ́: iná tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lè mú kí búráùn méjì tó yàtọ̀ dà bí ọ̀kan. Bọ́ síta, gbé ìgbànú lé bàtà lórí lójú oòrùn. Kò pọn dandan kí wọ́n jọra pátápátá, ṣùgbọ́n bí bàtà bá pọ́n, kí ìgbànú náà pọ́n. Bí bàtà bá ń dán, mú èyí tó ń dán.

Kí ìgbànú náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 3.5, èyí tó tó 4, jíǹsì ló bá a lọ. Bí ṣòkòtò rẹ bá jẹ́ 34, ìgbànú 36 ni kí o bèèrè. Tí ihò rẹ̀ bá jẹ́ 5, ti àárín ló yẹ kí o máa dì.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra fún: bí ìgbànú bá ṣí díẹ̀ ju bàtà lọ, má fi kíwì búráùn pa á kó lè dúdú. Yóò máa yí mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ níbàdí, kì í sì í tètè fọ̀ kúrò. Kíwì tí kò ní àwọ̀ ni ti ìgbànú. Ìgbànú dúdú yẹn, ká a kó o fi pa mọ́ de ìgbà tí o bá ra bàtà dúdú.