Ṣé kí n dẹ́kun títa búrẹ́dì?

"Búrẹ́dì àti míìtì-páì ni mo ń tà. Tí mo bá pín owó ṣọ́ọ̀bù sí i, búrẹ́dì ń jẹ gbèsè. Ṣé kí n pa á tì?"

Ẹ má tíì pa á tì. Onílé kò ní dín owó rẹ̀ kù torí pé ẹ kò yan búrẹ́dì mọ́. Míìtì-páì nìkan ni yóò wá máa gbé e. Ohun tí ẹ máa wò ni iye tó kù lórí ọjà kan lẹ́yìn tí ẹ bá yọ owó tó ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń ṣe é sí i: ìyẹ̀fun, ṣúgà, náílọ́nù, àti gáàsì tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé.

Ká ní ₦1,000 lẹ ń ta búrẹ́dì, tí èlò rẹ̀ jẹ́ ₦700. ₦300 kù. Tí ẹ bá ta 40 lóòjọ́, ₦12,000 nìyẹn. Bí ẹ bá pín ₦15,000 owó ṣọ́ọ̀bù sí i, ìwé á ní ẹ pàdánù ₦3,000. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá dá a dúró, ₦12,000 gan-an ló lọ.

Ibi tó ti lè yí padà ni ààrò. Ká ní ₦200 péré ló ń kù lórí páì kan, ṣùgbọ́n wákàtí kan gba páì 40, ó sì gba búrẹ́dì 20. Páì mú ₦8,000 wá, búrẹ́dì ₦6,000. Tí ààrò bá kún, tí àwọn tó fẹ́ páì ṣì ń dúró, páì ni kí ẹ fún ní wákàtí náà. Tí ààrò bá ṣófo, ẹ yan búrẹ́dì yín.