Àyẹ̀wò kìíní ní kò sí ibà, èkejì ní ó wà: níbo ni kòkòrò náà wà láàárín méjèèjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù tó kọjá, mo sùn níbì kan tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, wọ́n sì jẹ mí gan-an. Kò sí ẹ̀fọn níbi tí èmi ń gbé. Ẹ̀rù bà mí, mo lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tó di ọjọ́ 15, orí ń fọ́ mi, òtútù ń mú mi, ara mi gbóná. Wọ́n tún yẹ̀ mí wò, wọ́n ní ibà ni, ẹ̀yà falisípárọ́ọ̀mù. Ṣé wọ́n ṣe àṣìṣe nígbà àkọ́kọ́ ni? Ká ní mo ti lo oògùn ibà lọ́jọ́ karùn-ún yẹn, ṣé mi ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Wọn ò ṣe àṣìṣe. Lọ́jọ́ karùn-ún tí wọ́n gún yín níka, inú ẹ̀dọ̀ yín ni kòkòrò ibà wà, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa wo ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù, ìbéèrè yín yìí sì wà lára èyí tó máa ń dùn mọ́ mi jù láti dáhùn, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ kà sílẹ̀ bá ìrìn kòkòrò náà mu rẹ́gí. Ẹ jẹ́ ká jọ tẹ̀lé e.

Inú ẹ̀fọn ló ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kó ibà ràn yín ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn mu ní ọjọ́ bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú. Abo ẹ̀fọn anófẹ́lísì ni, torí abo ló ń wá ẹ̀jẹ̀, kó lè rí ohun tí yóò fi ṣe ẹyin. Akọ àti abo kòkòrò ibà ló bá ẹ̀jẹ̀ ẹni yẹn wọlé. Kò pé ìṣẹ́jú 20 tí wọ́n dé ikùn ẹ̀fọn tí akọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè tó mẹ́jọ lára ẹyọ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń jù fìrì-fìrì kiri láti wá abo. Èyí tó bá gboyún nínú wọn á wọ́ gba ara ìfun ẹ̀fọn kọjá, á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìfun náà bíi kókó róbótó. Irú kókó bẹ́ẹ̀ ni dókítà kan tó ń jẹ́ Ronald Ross rí lára ìfun ẹ̀fọn ní Íńdíà lọ́dún 1897. Nígbà tí kókó náà bá gbó, á bẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tó rí tín-ín-rín á tú jáde, wọ́n á sì lọ kó jọ síbi tí itọ́ ẹ̀fọn ń gbé.

Gbogbo èyí máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí 14 níbi tí ooru bá wà. Bí òtútù bá ṣe pọ̀ sí i ni ó ṣe ń pẹ́ sí i, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yà falisípárọ́ọ̀mù kì í lè parí rẹ̀ mọ́ níbi tí ojú ọjọ́ bá tutù ju nǹkan bíi 16 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ aláàárẹ̀ lálẹ́ àná kò fi lè kó o ran ẹnikẹ́ni lálẹ́ òní. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ló ń kú kí ọjọ́ náà tó pé. Èyí tó jẹ yín ti dàgbà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, kí ó tó fà, ó kọ́kọ́ tutọ́ sí yín lára, torí itọ́ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Inú itọ́ yẹn ni àwọn ọmọ tín-ín-rín náà ti bọ́ sábẹ́ awọ yín. Wọn kì í pọ̀ rárá, mẹ́wàá, ogún, nígbà míì wọ́n lè tó ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan kú síbi tí ẹ̀fọn fi wọ́n sí. Àwọn tó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ̀ bá ẹ̀jẹ̀ lọ dé ẹ̀dọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, kálukú sì wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kan, ó jókòó síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà lọ́jọ́ karùn-ún. Ká ní mẹ́wàá péré ló ríbi jókòó sí, sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá nìyẹn láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye tó wà nínú ẹ̀dọ̀ èèyàn. Ẹ̀dọ̀ kò ní dùn yín, ara ò ní gbóná, oúnjẹ ò ní kọ̀ yín. Kò sí bí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣe lè mọ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò tètè mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀fọn, ó gbà wọ́n tó àádọ́ta ọdún kí Shortt àti Garnham tó fi hàn, lọ́dún 1948, pé ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò náà máa ń yà sí kí ó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń bí sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà sí méje, ọ̀kan ṣoṣo lè di nǹkan bí 30,000. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣírò tiyín, kí ẹ lè rí i fúnra yín. Mẹ́wàá tó wà nínú ẹ̀dọ̀, kí kálukú wọn di 30,000, ó jẹ́ 300,000. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ náà bẹ́, 300,000 yìí sì tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ó dún bí ohun tó pọ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó lítà márùn-ún. Bí a bá pín lítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, a ń pe ìdá kan rẹ̀ ní máíkírólítà, kò tó ẹ̀kán omi kékeré. Mílíọ̀nù márùn-ún irú rẹ̀ ló wà lára yín, kòkòrò 300,000 ló sì fọ́n ká sínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá gba máíkírólítà 20 lára yín lọ́jọ́ náà, ó lè jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ máa bá níbẹ̀. Àyẹ̀wò kíákíá, èyí tó ń fi ìlà hàn lórí pátákó kékeré, sábà máa ń fẹ́ kí kòkòrò tó 100 sí 200 nínú máíkírólítà kan kó tó lè rí i dáadáa. Ẹni tó mọ maikirosikóòpù lò lè rí i bó bá tó 50, bó bá já fáfá ó lè rí èyí tó kéré sí i.

Láti ìgbà yẹn lọ, sẹ́ẹ̀lì pupa ni ilé wọn. Kòkòrò kan á wọ sẹ́ẹ̀lì pupa kan, á jẹ ohun tó wà níbẹ̀, á pín ara rẹ̀ sí bí 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ́, àwọn ọmọ á sì wá sẹ́ẹ̀lì míràn wọ̀. Ní ti falisípárọ́ọ̀mù, wákàtí 48 ni ìyípo kan. Gbogbo ọmọ kọ́ ló ń yè, nítorí náà ká sọ pé wọ́n ń fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ sí i ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ 11, wọ́n di mílíọ̀nù mẹ́ta, kò tíì tó ẹyọ kan nínú máíkírólítà. Lọ́jọ́ 13, mílíọ̀nù 30, ìyẹn mẹ́fà nínú máíkírólítà, tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ṣì lè fò dá. Lọ́jọ́ 15, mílíọ̀nù 300, ìyẹn 60. Ọjọ́ tí orí fọ́ yín nìyẹn. Ìṣirò lásán ni o, ara ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, àmọ́ ẹ lè rí ìdí tí ibà yìí kì í fi í sábà yọjú kí ọjọ́ méje tó pé lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹni.

Òtútù àti ara gbígbóná wá láti inú sẹ́ẹ̀lì tó ń bẹ́. Nígbà tí mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì bá bẹ́, ìdọ̀tí tí kòkòrò jẹ kù á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì gbé ooru dìde sí i. Lábẹ́ maikirosikóòpù, lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ̀jẹ̀ láró Gímísà, falisípárọ́ọ̀mù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dà bí òrùka tó fúyẹ́, òrùka aláwọ̀ búlúù tó ní òkúta pupa kan, nígbà míì méjì, lára. Òrùka nìkan la sábà máa ń rí. Àwọn tó ti dàgbà máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wà nínú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara iṣan tín-ín-rín nínú ọpọlọ, kíndìnrín àti ibòmíràn, wọn kì í sì bá ẹ̀jẹ̀ dé ìka. Nítorí èyí, iye tí a kà lórí gíláàsì lè kéré nígbà tí àìsàn ti wọra gan-an. Ohun tó mú kí ẹ̀yà yìí máa pààyàn ju àwọn yòókù lọ nìyẹn, mo sì máa ń bẹ ẹni tó bá ń sùn àsùnwọra tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ pé kó má dúró de èsì púpọ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn.

Nípa oògùn, èmi kò ní sọ pé ì bá ti gbà yín. Oògùn alápapọ̀ tó ní atẹmisínínì nínú kì í pa èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀, inú sẹ́ẹ̀lì pupa ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá lò ó lọ́jọ́ karùn-ún fún ọjọ́ mẹ́ta, atẹmisínínì ti jáde lára yín kí ẹ̀dọ̀ tó tú wọn sílẹ̀. Oògùn kejì tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ọn máa ń pẹ́ lára díẹ̀, ó lè dín wọn kù, ó sì lè jẹ́ pé ṣe ló kàn máa sún ọjọ́ àìsàn síwájú, tí ẹ ò sì ní fura sí ibà mọ́ nígbà tó bá dé. Ẹ wo bí àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń lo dọksisáíkílìn láti dènà ibà: wọ́n gbọ́dọ̀ máa lò ó nìṣó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò níbi tí ẹ̀fọn wà. Ṣe ni oògùn ń dúró de kòkòrò lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ẹ̀dọ̀.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, bí ara bá gbóná lọ́jọ́ kẹta, ẹ wá nǹkan míràn tó ń ṣe yín pẹ̀lú, kì í ṣe ẹ̀fọn alẹ́ yẹn ló fà á. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọn ò bá rí i, tí ara ṣì ń gbóná, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 12 sí 24, títí ìgbà mẹ́ta, kí wọ́n tó sọ pé kì í ṣe ibà.

Ẹ má sì jẹ́ kí àyẹ̀wò kíákíá dẹ́rù bà yín lẹ́yìn tí ẹ bá parí oògùn. Ohun tí kòkòrò falisípárọ́ọ̀mù sun sínú ẹ̀jẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń wá, ohun náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Ẹ ní kí wọ́n fi maikirosikóòpù wò ó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí àwọn kan tó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Àwọn akọ àti abo tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, inú sẹ́ẹ̀lì pupa yín ni wọ́n ti gbó fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá. Wọn kì í bí sí i lára èèyàn, wọn ò sì ní mú kí ara yín gbóná mọ́. Ẹ̀fọn ni wọ́n ń dúró dè, nítorí náà bí ẹ bá ń lọ síbi tí ó wà láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta tó ń bọ̀, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ sùn.